Nọ́ọ̀tì, ẹ̀pà àti píà: èwo ló ń mú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wálẹ̀ jù, báwo ló sì ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

Ìwádìí méjì kan wà lórí píà tó yẹ kí ẹni tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀ ga gbọ́ kó tó yí oúnjẹ rẹ̀ padà. Àkọ́kọ́ jáde ní 2015 láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pẹnsilfáníà ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 45 tó sanra ju bó ṣe yẹ lọ ló kópa nínú rẹ̀, àwọn olùwádìí ló sì ń pèsè gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ. Lásìkò tí píà kan wà nínú oúnjẹ wọn lójoojúmọ́, LDL wọn, ìyẹn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara òpójẹ̀, wálẹ̀ ní nǹkan bí 13 mg/dL láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ìwádìí kejì jáde ní 2022. Àwọn tó kópa lé ní 1,000, oṣù mẹ́fà gbáko ni wọ́n sì fi ṣe é. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní píà ńlá kan lójúmọ́, wọ́n ní kí wọ́n máa jẹ ìyókù oúnjẹ wọn bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ wọn yẹ̀ wò, ìyàtọ̀ LDL láàárín àwọn tó jẹ píà àti àwọn tí kò jẹ ẹ́ kò ju nǹkan bí 2 sí 3 mg/dL lọ.

Èso kan náà ni, àmọ́ èrè rẹ̀ jìnnà síra. Ohun tó fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ náà ni pé nínú ìwádìí àkọ́kọ́, píà gba àyè ohun mìíràn nínú àwo. Wọ́n ti yọ bọ́tà, wàràkàṣì ọlọ́ràá àti ẹran ọlọ́ràá kúrò kí píà tó wọlé. Nínú èkejì, ńṣe ni wọ́n fi píà lé orí oúnjẹ tó wà nílẹ̀. Bí mo ṣe máa fi nọ́ọ̀tì, ìyẹn irú bí álímọ́ńdì, wọ́nọ́ọ̀tì àti kajú, ẹ̀pà àti píà wéra nìyẹn látòkè délẹ̀: kì í ṣe ohun tó wà nínú wọn nìkan la máa wò, a máa wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè lé jáde nínú oúnjẹ ẹni.

Bí ọ̀rá ṣe ń gbé LDL sókè tàbí mú un wálẹ̀

Oríṣi ọ̀rá méjì ló ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan ni èyí tó máa ń dì gbagidi bí kò bá sí ooru, irú èyí tó pọ̀ nínú bọ́tà, nínú ọ̀rá ẹran àti nínú wàràkàṣì. Èkejì ni èyí tí kì í dì, tó máa ń ṣàn bí òróró. Ọ̀rá tí kì í dì ni èyí tó pọ̀ jù nínú nọ́ọ̀tì, nínú ẹ̀pà àti nínú píà.

Ẹ̀dọ̀ ló ń kó LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ara sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni àwọn ibi ìdìmú kéékèèké wà tí wọ́n ń gbá LDL mú bó bá ń ṣàn kọjá, tí wọ́n sì ń fà á wọlé kí ẹ̀dọ̀ lè tú u. Bí ọ̀rá tó ń dì bá pọ̀ nínú oúnjẹ, àwọn ibi ìdìmú yìí á dín kù, LDL á sì máa yí kiri nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí a bá fi ọ̀rá tí kì í dì rọ́pò rẹ̀, wọ́n á tún pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí ìrọ́pò fi lágbára tó bẹ́ẹ̀: ẹni tó ṣì ń jẹ bọ́tà bó ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ kò tíì mú ọwọ́ tó ń ti ẹ̀dọ̀ mọ́lẹ̀ kúrò.

Ọ̀nà méjì mìíràn tún wà tí oúnjẹ wọ̀nyí ń gbà ṣiṣẹ́, tí kò fi bẹ́ẹ̀ kan ọ̀rá. Gbogbo wọn ló ní fáíbà, apá kan nínú fáíbà yìí sì máa ń di òróòro mú nínú ìfun, tí yóò bá ìgbẹ́ jáde. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe òróòro, nítorí náà ó ní láti fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù púpọ̀ sí i látinú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣe òmíràn. Gbogbo wọn tún ní àwọn èròjà ewéko kan tó jọ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, tó máa ń bá a du àyè nínú ìfun, tí èyí tí ara ń gbà wọlé fi ń dín kù. Ẹ̀rí èyí wà nínú ìwádìí 2015 yẹn kan náà. Oúnjẹ mìíràn tí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ tó ti píà, tí oríṣi ọ̀rá inú rẹ̀ sì jọra, àmọ́ tí kò ní píà nínú, mú LDL wálẹ̀ ní nǹkan bí 8 mg/dL. Ti píà jẹ́ 13. Ohun tó fi ṣe 5 tó kù kì í ṣe ọ̀rá.

Kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kankan nínú ẹ̀pà, nọ́ọ̀tì tàbí píà. Torí náà "kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù" tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sára ìgò bọ́tà ẹ̀pà kò sọ ohunkóhun fún olùrà. Ọjà èyíkéyìí tó ti ara igi tàbí ewéko wá kò ní i. Àgbọn náà kò ní i, síbẹ̀ ọ̀rá tó ń dì ló kún inú àgbọn, ó sì máa ń gbé LDL sókè. Kí ẹnikẹ́ni má ka àgbọn mọ́ ẹgbẹ́ tí a ń sọ yìí.

Ohun tó wà nínú ìwọ̀n kan

Ìwọ̀n tí mo lò fún ẹ̀pà àti nọ́ọ̀tì ni 30 gíráàmù, ìyẹn ẹ̀kúnwọ́ kan tí a lè pa ọwọ́ dé lé lórí. Ti píà jẹ́ ìdajì èso kan tó mọ níwọ̀n, nǹkan bí 70 gíráàmù ẹran inú rẹ̀. Mo fi bọ́tà sí ìsàlẹ̀ kí ẹ lè rí ohun tí a fẹ́ rọ́pò. A ti sọ àwọn nọ́ńbà náà di odidi tàbí kí wọ́n súnmọ́ ọn.

| Oúnjẹ | Kálórì | Gbogbo ọ̀rá (gíráàmù) | Ọ̀rá tó ń dì (gíráàmù) | Fáíbà (gíráàmù) |
|---|---|---|---|---|
| Ẹ̀pà, 30 gíráàmù | 170 | 15 | 2 | 2.5 |
| Álímọ́ńdì, 30 gíráàmù | 175 | 15 | 1 | 4 |
| Wọ́nọ́ọ̀tì, 30 gíráàmù | 195 | 20 | 2 | 2 |
| Kajú, 30 gíráàmù | 165 | 13 | 2.5 | 1 |
| Píà, ìdajì | 110 | 10 | 1.5 | 5 |
| Bọ́tà, 20 gíráàmù | 145 | 16 | 10 | 0 |

Ẹ kọ́kọ́ wo òpó ọ̀rá tó ń dì. Ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀pà àti álímọ́ńdì jẹ́ gíráàmù kan. Ìyàtọ̀ láàárín èyíkéyìí nínú wọn àti bọ́tà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń ronú títí lórí bóyá ẹ̀pà ni kóun mú àbí álímọ́ńdì, tó sì ń fi bọ́tà kun búrẹ́dì rẹ̀ láàárọ̀, ibi tí kò ti fi bẹ́ẹ̀ sí èrè ló ń wá èrè sí.

Nọ́ọ̀tì: ẹ̀rí tó lágbára jù

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nọ́ọ̀tì ni wọ́n ti ṣe ìwádìí lé lórí jù. Ní 2010, wọ́n kó àbájáde ìwádìí 25 jọ láti orílẹ̀-èdè méje. Ìpíndọ́gba ohun tí àwọn ènìyàn jẹ jẹ́ 67 gíráàmù lójúmọ́, LDL wọn sì wálẹ̀ ní ìdá 7 nínú 100. Ẹni tí LDL rẹ̀ ga tẹ́lẹ̀ ló jèrè jù, ẹni tí kò sanra jèrè ju ẹni tó sanra lọ. Ẹ kíyè sí 67 gíráàmù yẹn o. Ó lé ní ẹ̀kúnwọ́ méjì, kálórì tó wà nínú rẹ̀ sì sún mọ́ 400. Àwọn tó ń tọ́ka sí ìdá 7 náà kì í sábà sọ iye tí wọ́n jẹ kí wọ́n tó rí i. Ẹ̀kúnwọ́ kan lójúmọ́ á mú LDL wálẹ̀ ní nǹkan bí 5 mg/dL fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Wọ́nọ́ọ̀tì àti álímọ́ńdì ni mo máa fi ṣáájú. Wọ́nọ́ọ̀tì ni èyí tí èèpo rẹ̀ le, tí inú rẹ̀ sì ká kọ́rọkọ̀rọ bí ọpọlọ. Ó yàtọ̀ ní ti pé oríṣi ọ̀rá tí kì í dì tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni èyí tó ń mú LDL wálẹ̀ ju irú tó pọ̀ nínú álímọ́ńdì àti píà lọ, ó sì tún ní ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní ómẹ́gà 3 ti inú ewéko. Ìwádìí ọdún méjì kan tó jáde ní 2021, tí àwọn àgbàlagbà ti ń jẹ wọ́nọ́ọ̀tì lójoojúmọ́, fi hàn pé LDL wọn wálẹ̀ ní nǹkan bí 4 mg/dL, ó sì dúró síbẹ̀ láàárín ọdún méjèèjì. Kò pọ̀, àmọ́ ó dúró. Ohun tí álímọ́ńdì fi borí ni fáíbà, àti pé ọ̀rá tó ń dì nínú rẹ̀ ló kéré jù.

Nǹkan kan tún wà nípa álímọ́ńdì tó dùn mọ́ mi gan-an. Ní 2012, àwọn olùwádìí ìjọba Amẹ́ríkà wọn ohun tí ara ń rí gbà gan-an látinú álímọ́ńdì odindi. Ẹ̀kúnwọ́ tí wọ́n ń kọ nǹkan bí 170 kálórì sí lára àpò rẹ̀, nǹkan bí 130 péré ni ara ń rí gbà nínú rẹ̀. Ògiri sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ le débi pé eyín kò lè fọ́ gbogbo rẹ̀, díẹ̀ nínú ọ̀rá náà á sì bá ìgbẹ́ lọ. Bí a bá lọ̀ ọ́ kúnná, ògiri yẹn ti fọ́, ara á sì rí ọ̀rá tó pọ̀ sí i gbà. Ẹni tó ń ṣọ́ ìsanra rẹ̀, odindi ni kó máa jẹ, kì í ṣe lílọ̀.

Kajú dára, àmọ́ kì í ṣe òun ló wà níwájú. Nígbà tí àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, gbà ní 2003 kí wọ́n kọ ọ́ sára ọjà pé nǹkan bí 42 gíráàmù nọ́ọ̀tì lójúmọ́ lè dín ewu àrùn ọkàn kù bí ọ̀rá tó ń dì bá kéré nínú ìyókù oúnjẹ, wọn kò fi kajú kún un, nítorí ọ̀rá tó ń dì inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ lọ. Wọ́n fi ẹ̀pà kún un.

Ẹ̀pà: ìdílé mìíràn, iṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra

Ìdílé ẹ̀wà ni ẹ̀pà ti wá, abẹ́ ilẹ̀ ló sì ń so sí, àmọ́ ọ̀rá inú rẹ̀ kò jọ ti ẹ̀wà rárá. Nǹkan bí ìdajì ọ̀rá náà jẹ́ irú èyí tó wà nínú píà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta sì jẹ́ irú èyí tó pọ̀ nínú wọ́nọ́ọ̀tì. Purotéènì inú rẹ̀ ju ti gbogbo nọ́ọ̀tì tó wà lókè yìí lọ, nǹkan bí gíráàmù 7 sí 8 nínú ẹ̀kúnwọ́ kan, ìyẹn sì ń jẹ́ kí ebi tètè lọ. Ojú tí mo fi wò ó ni pé ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀pà kò ní ohunkóhun tó yẹ kó mú un sá lọ sọ́dọ̀ álímọ́ńdì nítorí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nìkan.

Ibi tí ẹ̀pà ti máa ń bà jẹ́ ni ọwọ́ àwọn tó ń sè é tàbí tó ń dì í sínú ìgò. Ẹ̀pà tí wọ́n dín nínú òróró, tí wọ́n fi ṣúgà bò, tàbí tí wọ́n da iyọ̀ sí lọ́pọ̀ ti yàtọ̀ sí èyí tí a ń sọ. Iyọ̀ kì í gbé LDL sókè, àmọ́ ó máa ń gbé ìfúnpá sókè, ẹni tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀ ga kò sì nílò èkejì. Ti bọ́tà ẹ̀pà, ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ìgò ló máa sọ òótọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀pà nìkan, tàbí ẹ̀pà àti iyọ̀ díẹ̀, ó dára. Òróró máa ń léfòó sórí irú èyí bó bá dúró, ẹ ó sì ní láti rò ó pọ̀. Bí kò bá yọ òróró rárá, tó dúró gbagidi láti òkè dé ìsàlẹ̀, àfàìmọ̀ kí wọ́n má ti fi epo pupa tàbí ọ̀rá mìíràn tó ń dì sí i. Ohun tí a ń sá fún gan-an ni wọ́n tún fi pa dà sínú rẹ̀. Ìwọ̀n bọ́tà ẹ̀pà tó dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ kan ni ṣíbí ìjẹun méjì tí a tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í ṣe méjì tó yọrí gọnbu.

Ewu kejì ni ẹ̀pà tó bu. Olú kan wà tó máa ń hù lára ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa, tó sì máa ń da májèlé tí wọ́n ń pè ní afilatọ́síìnì sínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni májèlé yìí máa ń bá jà, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ bí ènìyàn bá ń jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Yíyan àti sísè kì í pa gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣa èyí tó fún, tó yí àwọ̀ padà, tó lu, tàbí tó korò sọnù; bí ẹ bá jẹ ọ̀kan tó korò, ẹ tu ú jáde. Ẹ má rò pé fífọ̀ tàbí títún un yan á gbà á là. Ojú nìkan kò sì lè rí gbogbo rẹ̀, nítorí náà ibi tó gbẹ, tó sì tutù, ni kí ẹ máa tọ́jú ẹ̀pà sí, kí ẹ má sì kó o pa mọ́ fún oṣù púpọ̀.

Píà: òun ló mọ ìrọ́pò ṣe jù

Bí a bá wo kálórì, ìdajì píà fúyẹ́ ju ẹ̀kúnwọ́ nọ́ọ̀tì lọ, nítorí omi ló ju ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ó kún inú, ó sì ní fáíbà tó pọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Àmọ́ ìwà rẹ̀ gan-an ló mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí: ó rọ̀, ó ṣeé fi pa búrẹ́dì, ó ṣeé gún mọ́ ẹja tàbí ẹyin dípò máyónéèsì, ó ṣeé gé sí ibi tí wàràkàṣì ì bá wà. Ẹ̀pà kò lè jókòó sórí búrẹ́dì bí bọ́tà àyàfi bí a bá lọ̀ ọ́. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìrọ́pò ni agbára gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, èso tó rọrùn láti fi rọ́pò ni èso tó wúlò jù lórí tábìlì, bí ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ lórí rẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀ tó ti nọ́ọ̀tì.

Ohun tó dára nínú ìwádìí 2022 yẹn ni pé àwọn tó ń jẹ píà ńlá kan lójúmọ́ fún oṣù mẹ́fà kò sanra sí i. Ó fi hàn pé ó máa ń yó ni débi pé ènìyàn á dín oúnjẹ mìíràn kù láìmọ̀. Kí ó má sanra àti kí LDL rẹ̀ wálẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rù ọ̀rá píà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan, àwo kan

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin ẹni ọdún 52 kan tí LDL rẹ̀ jẹ́ 158 mg/dL, tí dókítà sì ti ní kó kọ́kọ́ fi oúnjẹ gbìyànjú fún oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ oògùn. Láàárọ̀, ó máa ń fi 20 gíráàmù bọ́tà pa búrẹ́dì. Lọ́sàn-án, ó máa ń jẹ 40 gíráàmù bisikíìtì oníbọ́tà. Ọ̀rá tó ń dì nínú bọ́tà yẹn jẹ́ gíráàmù 10, ti bisikíìtì á tó 6. Kálórì méjèèjì pa pọ̀ sún mọ́ 345.

Bó bá fi ìdajì píà rọ́pò bọ́tà, tó sì fi ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà tí wọ́n yan láìfi òróró sí i rọ́pò bisikíìtì, ọ̀rá tó ń dì lápá ibí yìí á já láti 16 sí 3.5. Kálórì rẹ̀ á jẹ́ 280. Ó ti yọ nǹkan bí gíráàmù 12 ọ̀rá tó ń dì kúrò nínú ọjọ́ rẹ̀ láìfi ebi pa ara rẹ̀, ó sì ti fi fáíbà tó ju gíráàmù 7 lọ kún un. Fún ẹni tó ń jẹ nǹkan bí 2,000 kálórì lójúmọ́, ìyípadà tó tó èyí sábà máa ń mú LDL wálẹ̀ ní 8 sí 15 mg/dL. Ti obìnrin wa yìí á wá sí àárín 143 sí 150.

Ká ní ó gbọ́ pé píà àti ẹ̀pà dára, tó wá ń jẹ wọ́n lẹ́yìn búrẹ́dì oníbọ́tà àti bisikíìtì rẹ̀ ńkọ́? Kò sí ọ̀rá tó ń dì kankan tó kúrò, kódà gíráàmù 3.5 ti kún un. Ìfun rẹ̀ á ṣì rí èrè fáíbà àti èròjà ewéko yẹn, LDL rẹ̀ lè wálẹ̀ ní 3 tàbí 5, àmọ́ 280 kálórì ti gorí oúnjẹ rẹ̀. Bí kò bá dín nǹkan mìíràn kù, ìwọ̀n ara rẹ̀ á máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ìsanra náà á sì máa jẹ èrè náà. Èyí ni mo máa ń rí jù lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ pé àwọn jẹ ẹ̀pà títí, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àwọn kò mira.

Bó bá jẹ́ wọ́nọ́ọ̀tì tàbí álímọ́ńdì ló mú dípò ẹ̀pà, nọ́ńbà náà kò ní yí padà tó ohun tó hàn sójú.

Ìwọ̀n tó mọ́gbọ́n wá

Ẹ̀kúnwọ́ kan lójúmọ́ ni mo máa ń ní kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, 30 gíráàmù. Ìwọ̀n yìí gan-an ni wọ́n lò nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ní Sípéènì, tó jáde ní 2013, tí wọ́n sì tún ṣe àtúnṣe ìṣirò rẹ̀ ní 2018 nítorí pé wọ́n rí àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe pín àwọn ènìyàn. Ìdajì ẹ̀kúnwọ́ náà jẹ́ wọ́nọ́ọ̀tì, ìyókù jẹ́ álímọ́ńdì àti nọ́ọ̀tì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní hásẹ́nọ́ọ̀tì. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ewébẹ̀, ẹja, èso àti òróró ólífì ní àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ tó dín ní ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin sí ti àwọn tí wọ́n kàn ní kí wọ́n dín ọ̀rá kù.

Ẹ fi ìwọ̀n kéékèèké ilé ìdáná wọn ẹ̀kúnwọ́ yín lẹ́ẹ̀kan péré. Ó sábà máa ń jẹ́ álímọ́ńdì bí 25, tàbí ìlàjì wọ́nọ́ọ̀tì bí 15. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń mú kí ẹ̀kúnwọ́ kan di mẹ́ta ni jíjẹ látinú àpò ńlá pẹ̀lú ojú lórí nǹkan mìíràn. Ẹ bù ú sínú abọ́, kí ẹ dé àpò náà.

Ẹni tí LDL rẹ̀ ga, tí kò sì ní ìṣòro ìsanra, lè lọ sókè dé 45 tàbí 60 gíráàmù, bó bá jẹ́ pé ohun mìíràn ló ń yọ kúrò fún un. Èrè náà máa ń hàn dáadáa láti 60, àmọ́ kálórì rẹ̀ ti ń wọ ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè yọ àyè fún. Ti píà, ìdajì lójúmọ́ tó bí ẹ bá tún ń jẹ nọ́ọ̀tì tàbí ẹ̀pà. Odindi kan dára fún ẹni tí kò jẹ nọ́ọ̀tì lọ́jọ́ náà. Kò sídìí láti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ.

Àwọn tó ní láti ṣọ́ra

Ẹni tí ẹ̀pà tàbí nọ́ọ̀tì máa ń mú kí ara rẹ̀ wú, kí ètè rẹ̀ yún, tàbí kí èémí rẹ̀ nira kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò nítorí ọ̀rọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rárá. Píà wà fún un. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, tí wọ́n sì ti ní kó dín pọtásíọ̀mù kù, gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó máa jẹ píà lójoojúmọ́, torí pọtásíọ̀mù inú rẹ̀ pọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀pà tàbí nọ́ọ̀tì odindi, ó lè há a lọ́fun.

Ẹni tí LDL rẹ̀ lé ní 190 mg/dL, pàápàá bí òbí tàbí àbúrò rẹ̀ bá ti ní àrùn ọkàn ní kékeré, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni ìṣòro náà wà. Oúnjẹ kò lè dá a yanjú. Oògùn sítátíìnì máa ń mú LDL wálẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì. Kò sí ẹ̀kúnwọ́ nọ́ọ̀tì tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí píà fi oògùn tí wọ́n kọ fún un sílẹ̀. Wọ́n lè jọ ṣiṣẹ́ pọ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́

Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, níbi àyẹ̀wò kan náà bó bá ṣeé ṣe. Ẹ gbé ara yín sórí òṣùwọ̀n nígbà méjèèjì, nítorí bí ẹ bá fọn ní àárín yẹn, apá kan nínú ìyàtọ̀ náà ti ibẹ̀ wá. Bí ilé àyẹ̀wò bá fi mmol/L kọ èsì yín, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìgbà 38.7 kí ẹ tó lè fi wé àwọn nọ́ńbà inú ìwé yìí, 4.1 mmol/L jẹ́ nǹkan bí 159 mg/dL.

LDL ènìyàn kan náà máa ń yí díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan sí òmíràn láìjẹ́ pé ó yí oúnjẹ padà. Torí náà bó bá wálẹ̀ ní 4 péré, kò tíì fi hàn pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, bó bá sì lọ sókè ní 4, ẹ má ṣe jáwọ́. Bó bá wálẹ̀ ní 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e sì tún sọ bẹ́ẹ̀, ìrọ́pò náà ń ṣiṣẹ́. Bí àyẹ̀wò méjì bá jáde tí nǹkan kan kò yí padà, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ kí ẹ wá ọ̀rá tó ń dì tó ṣì farapamọ́ síbẹ̀: wàràkàṣì orí oúnjẹ alẹ́, kírímù inú kọfí, àkàrà òyìnbó tí kò kọjá ọ̀sẹ̀ kan kí ó má dé. Bí ìwé náà bá mọ́, tí kò sí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ tó pọ̀ níbẹ̀, ẹ mú un pẹ̀lú èsì méjèèjì lọ bá dókítà, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ oògùn.